Èlé Orí Ìwé àti Èlé Kíkún Ọdún: Bí A Ṣe Ń Fi Ìpèsè Owó Yíyá Méjì Wéra ní Abẹ́òkúta

Bí ilé ayánilówó kan bá ní èlé 3% lóṣù lòun yóò gbà, tí èkejì sì ní 4.5% ni tòun, ojú lásán yóò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ti àkọ́kọ́ ló dín. Nínú àpẹẹrẹ tí a ó yẹ̀ wò níbí, ti àkọ́kọ́ yìí gan-an ló wọ́n jù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò sì kéré rárá. Nǹkan méjì ló ń fa irú èyí. Èkíní ni iye tí wọ́n ń ṣírò èlé lé lórí, nítorí pé àwọn kan ń gba èlé lórí gbogbo owó tí wọ́n kọ́kọ́ yáni títí gbèsè yóò fi tán, nígbà tí àwọn mìíràn ń gbà á lórí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lọ́rùn ayáwó nìkan. Èkejì ni àwọn owó tí wọn kò pè ní èlé, tó sì jẹ́ pé àpò ayáwó ni wọ́n ti ń jáde: owó fọ́ọ̀mù, owó adójútòfò, owó ìṣètò, àti owó ìdógò tí wọ́n ń dì mú.

Èlé tí wọ́n kọ gàdàgbà sórí ìwé kò sọ ìkankan nínú méjèèjì. Èlé kíkún ọdún, èyí tí àwọn lẹ́tà báńkì máa ń fi lẹ́tà mẹ́ta APR kọ, ló ń kó wọn pọ̀ sínú nọ́ńbà kan ṣoṣo: iye tí owó náà ń náni lọ́dún, ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, lórí owó tó wà lọ́wọ́ ayáwó ní tòótọ́ fún àkókò tó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1968 ló sọ ọ́ di dandan pé kí ayánilówó fi nọ́ńbà yìí han oníbàárà rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Lọ́dọ̀ wa, ó sàn kí ayáwó mọ bí a ti ń ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, torí pé òṣìṣẹ́ tó ń gbé fọ́ọ̀mù kiri ọjà sábà máa ń dárúkọ èlé oṣù nìkan.

Ìpèsè méjèèjì tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, tó fẹ́ ra aṣọ gíní funfun àti aró sílẹ̀ kí ọjà ọdún tó dé. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà (₦600,000) ló fẹ́ yá, oṣù méjìlá ni yóò sì fi san án, ní iye kan náà lóṣooṣù.

Ilé ayánilówó àkọ́kọ́, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní apá Láfẹ́nwá, ní èlé 3% lóṣù lórí gbogbo owó tí wọ́n yá a. Owó ìṣètò wọn jẹ́ 2%, owó adójútòfò jẹ́ 1%, wọ́n sì ní kó fi 10% sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn gẹ́gẹ́ bí owó ìdógò tí wọn yóò dá padà fún un lóṣù kejìlá, láìsí èlé kankan lórí rẹ̀.

Èkejì, báńkì kan ní Òkè-Ìlewó, ní èlé 4.5% lóṣù lórí owó tó bá ṣẹ́ kù. Owó ìṣètò wọn jẹ́ 1%, wọn kò sì béèrè owó ìdógò.

Bí a bá sọ èlé orí ìwé wọn di ti ọdún, ti Láfẹ́nwá jẹ́ 36%, ti Òkè-Ìlewó sì jẹ́ 54%. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí ìṣírò sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ohun tí wọ́n ń ṣírò èlé lé lórí

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ náà rọrùn: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, lẹ́yìn tí mo bá ti san oṣù mẹ́fà, ṣé èlé oṣù keje yóò dín sí ti oṣù kìíní ni, àbí iye kan náà ni?" Bó bá ní iye kan náà ni, orí gbogbo owó ni wọ́n ń gbà á. Bó bá ní ó ń dín kù, orí owó tó ṣẹ́ kù ni. Kí ẹ má gba "kò sí wàhálà níbẹ̀, màmá" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ẹ ní kó tẹ àtẹ ìsanwó jáde fún yín, èyí tó fi èlé oṣù kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀, tó sì fi ojú owó gan-an hàn lọ́tọ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ti Láfẹ́nwá. Èlé 3% lórí ₦600,000 jẹ́ ₦18,000 lóṣù, ìyẹn ₦216,000 fún oṣù méjìlá. Tí a bá rò ó pọ̀ mọ́ ojú owó, ₦816,000 ni gbogbo rẹ̀, tí a bá sì pín in sí méjìlá, ₦68,000 ni ìyá aládìrẹ yìí yóò máa san lóṣù: ₦50,000 nínú ojú owó àti ₦18,000 èlé. Ní oṣù kìíní, ₦600,000 ló wà lọ́rùn rẹ̀, ₦18,000 sì jẹ́ 3% rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó bá di oṣù keje, ₦300,000 péré ló kù tó jẹ, ṣùgbọ́n ₦18,000 náà ló ṣì ń san, èyí tó ti di 6%. Ní oṣù kejìlá, gbèsè tó kù jẹ́ ₦50,000. Èlé ₦18,000 lórí ₦50,000 fún oṣù kan ṣoṣo jẹ́ 36%. Iye tí wọ́n pè fún odidi ọdún ló san ní oṣù kan yẹn, orúkọ "3%" kò sì kúrò lórí ìwé.

Ti Òkè-Ìlewó kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní, 4.5% lórí ₦600,000 jẹ́ ₦27,000, èyí tó ju ti Láfẹ́nwá lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìsanwó wọn, tó jẹ́ nǹkan bíi ₦65,800 lóṣù, ń gé ojú owó kù lóṣooṣù, èlé sì ń tẹ̀ lé e wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé ní oṣù kejìlá, èlé kò tó ₦3,000 mọ́. Àròpọ̀ èlé ọdún náà jẹ́ nǹkan bíi ₦189,600.

Láti ibi yìí nìkan, a ti rí i pé èlé tí wọ́n pè ní 36% gba ₦216,000, èyí tí wọ́n pè ní 54% sì gba ₦189,600 lórí iye owó kan náà àti fún àkókò kan náà. A kò sì tíì dé orí àwọn owó yòókù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ iye tí yóò wọ ọwọ́ yín gan-an

Owó tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà àti owó tí ń wọ àkáǹtì kì í sábà bára mu. Ẹ béèrè pé, "Èló gan-an ni n ó rí nínú àkáǹtì mi lọ́jọ́ tí owó bá wọlé?" kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Kì í ṣe gbogbo owó tó bá jáde lápò yín ló yẹ kẹ́ ẹ rò mọ́ ọn. Òṣùwọ̀n tí mo fara mọ́ ni ìbéèrè yìí: "Bí n kò bá san èyí, ṣé ẹ ó ṣì yá mi lówó náà?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, owó náà wà lára ohun tí gbèsè yìí ń náni, yálà wọ́n pè é ní owó fọ́ọ̀mù tàbí owó adójútòfò. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ lè kọ̀ láìsí ìyọnu, bí adójútòfò tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ kó tó san kò sí nínú ìṣírò yìí, nítorí pé a ń ṣírò lórí pé ẹ ó san án lásìkò. Ẹ kàn béèrè iye rẹ̀ lọ́tọ̀.

Fún Láfẹ́nwá, owó ìṣètò jẹ́ ₦12,000, adójútòfò jẹ́ ₦6,000. Wọ́n yọ méjèèjì kúrò lójú ẹsẹ̀, ó ku ₦582,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ₦60,000 mú gẹ́gẹ́ bí owó ìdógò, ó wá ku ₦522,000. Èyí ni gbogbo ohun tí ìyá aládìrẹ náà yóò gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta aṣọ fún un, ṣùgbọ́n orí ₦600,000 ni èlé rẹ̀ dúró lé.

Owó ìdógò yìí ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù lọ, nítorí pé owó ayáwó ni, wọn yóò sì dá a padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé owó tí yóò padà wá kò náni ní kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó báyìí: wọ́n yá a ní ₦60,000 yẹn, wọ́n gba èlé ₦1,800 lórí rẹ̀ lóṣooṣù, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án títí ọdún fi yípo. Bó bá sì jẹ́ pé odidi ₦600,000 ni aṣọ àti aró rẹ̀ ń béèrè, yóò ní láti tọrọ nǹkan bíi ₦690,000 lọ́wọ́ wọn kí ₦600,000 tó lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, èlé yóò sì gun orí ₦690,000.

Ti Òkè-Ìlewó kò gba àlàyé gígùn: wọ́n yọ ₦6,000, ó ku ₦594,000.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣírò èlé kíkún

Nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yẹ kó ti wà lọ́wọ́ yín báyìí: iye ìgbà tí ẹ ó sanwó, iye tí ẹ ó máa san lẹ́ẹ̀kan, iye tó wọ ọwọ́ yín, àti iye tí wọn yóò dá padà níkẹyìn bó bá wà. Ẹ ṣí Excel tàbí Google Sheets lórí fóònù yín, kí ẹ sì tẹ èyí fún ti Òkè-Ìlewó sínú àpótí kan:

```
=RATE(12,-65800,594000)*12
```

Nọ́ńbà 12 tó wà níwájú ni iye ìsanwó. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 65800 fi hàn pé owó náà ń jáde lọ́wọ́ yín, nígbà tí 594000 kò ní àmì nítorí pé ó wọlé. RATE yóò wá èlé oṣù tó jẹ́ kí owó tó wọlé àti àwọn owó tó jáde bára dọ́gba, 12 tó gbẹ̀yìn ló sì ń sọ ọ́ di ti ọdún. Ìdáhùn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.56, ìyẹn 56%. Ó súnmọ́ 54% tí wọ́n pè. Owó ìṣètò ló fa ìyàtọ̀ kékeré náà.

Fún Láfẹ́nwá, ẹ kọ́kọ́ ṣe é láìka owó ìdógò sí, kí ẹ lè rí ohun tó ti ibi kọ̀ọ̀kan wá. Bí a bá fi 582000 síbẹ̀ pẹ̀lú ìsanwó 68000, yóò fún wa ní nǹkan bíi 67.5%. Nígbà tí a bá wá fi owó ìdógò sí i, a ó kọ ọ́ báyìí:

```
=RATE(12,-68000,522000,60000)*12
```

Nọ́ńbà 60000 tó gbẹ̀yìn nínú àkámọ́ ni owó tí wọn yóò dá padà lóṣù kejìlá, kò sì ní àmì ìyọkúrò nítorí pé ọwọ́ yín ló ń bọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 0.80. Èlé tí wọ́n pè ní 3% lóṣù, tí ayáwó sì rò pé ó jẹ́ 36% lọ́dún, jẹ́ 80%. Owó ìdógò nìkan fi nǹkan bí ìdá méjìlá àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò dá gbogbo rẹ̀ padà.

Bí àpótí náà bá kọ `#NUM!` sí yín lójú, ẹ wo àwọn àmì: ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé àmì ìyọkúrò níwájú ìsanwó. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà tó kù díẹ̀ kó di òdo ló jáde fún owó tí ẹ mọ̀ pé ó wọ́n, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé ìlọ́po 12 tó wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń gbowó lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ báńkì kéékèèké ti ń ṣe láàárín ọjà, iye ọ̀sẹ̀ ni ẹ ó fi síwájú, 52 ni ẹ ó sì fi ṣe ìlọ́po ìkẹyìn.

Ẹni tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè lo ẹ̀rọ ìṣírò lásán. Ó máa ro èlé àti gbogbo owó àfikún pọ̀, á fi owó tó wọ ọwọ́ rẹ̀ pín in, á sọ ọ́ di ìlọ́po 24, á sì fi 13 pín in. Èyí wà fún ìsanwó oṣù méjìlá nìkan, kò sì lè ka owó ìdógò. Ti Òkè-Ìlewó yóò jáde ní nǹkan bíi 61%, ti Láfẹ́nwá ní 74%. Méjèèjì ga díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé ọ̀nà náà gbà pé ojú owó ń dín kù ní iye kan náà lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ sì kọ́ ló rí. Ṣùgbọ́n ó tó láti mọ èyí tó wọ́n ju èkejì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ rí i dájú pé irú kan náà ni ẹ ń fi wéra

Bí ilé ayánilówó kan bá fún yín ní APR tiwọn, ẹ má ṣe fi ṣe ẹ̀gbẹ́ èyí tí ẹ fúnra yín ṣírò kí ẹ tó bi wọ́n bí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀nà méjì ló wà. Amẹ́ríkà ń sọ èlé oṣù di ìlọ́po méjìlá, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe lókè yìí. Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń jẹ́ kí èlé máa gun orí èlé láti oṣù dé oṣù. Ọ̀nà kejì yìí yóò sọ 56% ti Òkè-Ìlewó di nǹkan bíi 73%, yóò sì gbé 80% ti Láfẹ́nwá lọ sí nǹkan bíi 117%. Owó tí ẹ ó san kò yí padà. Ọ̀nà ìṣírò ló yàtọ̀. Bí ẹ bá fi 73% láti ibì kan wé 67% láti ibòmíràn láìmọ ọ̀nà tí oníkálukú gbà, ẹ lè yan èyí tó wọ́n. Ohun tí èmi máa ń gbani nímọ̀ràn ni pé kí ẹ gba iye ìsanwó àti iye tó ń wọ ọwọ́ yín lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kí ẹ sì ṣírò tiwọn pẹ̀lú ọ̀nà kan ṣoṣo.

Àkókò pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Èlé kíkún ọdún ń sọ bí owó ti wọ́n tó, kì í sọ àròpọ̀ náírà tó máa jáde. Gbèsè ọdún méjì tí èlé kíkún rẹ̀ jẹ́ 50% lè gba náírà púpọ̀ ju gbèsè oṣù mẹ́fà tí tirẹ̀ jẹ́ 70% lọ, nítorí pé ó pẹ́ lọ́rùn. Tí àkókò méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ kọ àròpọ̀ náírà sí ẹ̀gbẹ́ ìdá náà, kí ẹ sì wo èyí tí ọjà yín lè gbé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tètè san án

Fún oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ lè yá lójijì, ìbéèrè yìí lè ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ jẹ́ ká gbà pé aládìrẹ wa ta ọjà rẹ̀ tán lóṣù kẹfà, tó sì fẹ́ san gbogbo ohun tó kù lẹ́yìn ìsanwó kẹfà.

Ní Òkè-Ìlewó, ojú owó tó kù lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà jẹ́ nǹkan bíi ₦339,400. Bó bá san án, ó tán, ó sì gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ èlé nǹkan bíi ₦55,400 tí ì bá san láàárín oṣù mẹ́fà tó kù, àyàfi bí lẹ́tà báńkì bá ní owó kan tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó tètè san. Ẹ wá gbólóhùn yẹn nínú lẹ́tà.

Ní Láfẹ́nwá, bí àdéhùn wọn bá jẹ́ pé èlé oṣù méjìlá ti di gbèsè láti ọjọ́ kìíní, ìsanwó mẹ́fà tó kù, tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦408,000, ni yóò san pé. Wọn yóò yọ ₦60,000 owó ìdógò rẹ̀ nínú rẹ̀, ó ku ₦348,000. Ìṣírò rẹ̀ rèé:

```
=RATE(6,-68000,522000,-348000)*12
```

Ní ọ̀tẹ̀ yìí, 348000 ní àmì ìyọkúrò nítorí pé owó náà ń jáde. Ìdáhùn rẹ̀ kọjá 100%. Bí ó ti tètè san án tó, bẹ́ẹ̀ ni owó náà ṣe wọ́n sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba ti irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè yá yín láìsí onídùúró, ẹ bá wọn ṣàdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé bí ẹ bá tètè san, wọn yóò fojú fo èlé àwọn oṣù tí kò tíì dé, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ kò tó, nítorí pé òṣìṣẹ́ lè ti kúrò ní ẹ̀ka yẹn kí oṣù kẹfà tó pé. Bí wọn kò bá gbà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yọ owó ìdógò kúrò. Bí wọ́n bá gba ìyẹn nìkan, èlé kíkún wọn yóò wálẹ̀ láti 80% sí 67.5% fún ẹni tó bá lo oṣù méjìlá rẹ̀ pé.